Síso fóònù mọ́ ẹ̀rọ káàdì lọ́jọ́ ọjà Òjé: àkọsílẹ̀ iṣẹ́

Ọjà ìtàdógún ni ọjà aṣọ òkè tí wọ́n ń ná ní Òjé, n'Ìbàdàn. Oníbàárà tó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni lónìí, ó di ọjà tó ń bọ̀ kéèyàn tó tún rí i. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń bá ìyá rẹ̀ kó aṣọ wá láti Ìṣẹ́yìn fẹ́ kí ẹ̀rọ káàdì ìyá rẹ̀ máa bá fóònù tirẹ̀ ṣiṣẹ́, nítorí pé ojú fóònù ìyá ti là, bátìrì rẹ̀ kì í sì í bá wọn dé ọ̀sán. Ó yẹ kí wọ́n ti ṣe é sílé láti ọjọ́ tó ṣáájú. Wọn kò ṣe é. Ìdájí ọjà gan-an ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n ń tú ẹrù lọ́wọ́. Báyìí ló ṣe lọ.

Ohun tó wà nílẹ̀

Ẹ̀rọ káàdì náà kéré, ó wọ àtẹ́lẹwọ́. Kò ní síìmù, kì í sì í tẹ rìsíìtì. Àlàfo káàdì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bọ́tìnnì nọ́ńbà wà lójú rẹ̀, pẹ̀lú pupa tí wọ́n fi ń fagi lé iṣẹ́, yẹ́lò tí wọ́n fi ń pa nọ́ńbà tí wọ́n ṣì tẹ̀ rẹ́, àti aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń gbà á wọlé. Irú ẹ̀rọ báyìí kò lè dá dé báńkì. Búlútúùtù ló fi ń bá fóònù sọ̀rọ̀, fóònù ló sì ń fi dátà gbé ọ̀rọ̀ náà dé báńkì.

Fóònù ọmọ náà jẹ́ àlòkù, Áńdíróìdì 12 ló wà lórí rẹ̀, ó sì ń gba síìmù méjì. Ohun tí wọ́n rà kún un ni wáyà ṣájà kan ní ₦1,500, páwà báńkì 10,000 mAh ní ₦12,000, àti dátà ₦1,500: ₦1,000 sórí síìmù kan, ₦500 sórí èkejì tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ mìíràn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦15,000. Dátà tí ìsanwó kan ń jẹ kò tó nǹkan rárá. Nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan lè dákú nígbà tí èrò bá kún ọjà ni wọ́n ṣe pín dátà sórí síìmù méjì.

1. Wíwá ẹ̀rọ náà lórí fóònù

Ọmọ náà tan ẹ̀rọ, ó ṣí áàpù ilé-iṣẹ́ tó fún ìyá rẹ̀ ní ẹ̀rọ lórí fóònù rẹ̀, ó sì tẹ ibi tí áàpù ti ń wá ẹ̀rọ. Àmì ìwákiri ń yí, kò rí nǹkan kan. Ó pa fóònù, ó tún un tàn, bákan náà ni.

Ìdí kìíní wà nínú àṣẹ tí fóònù ń béèrè. Láti Áńdíróìdì 12 ni áàpù ti gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kan tó ń jẹ́ `Nearby devices` kó tó lè wá ohunkóhun tó ń lo búlútúùtù nítòsí. Nígbà tí áàpù kọ́kọ́ ṣí, fóònù ti béèrè bóyá kó gbà á láyè, ọmọ náà sì ti tẹ `Don't allow` nítorí pé ó ń kánjú. Tí wọ́n bá ti kọ̀ ọ́ fún un, áàpù lè máa wá kiri láì sọ pé òun kò ní àṣẹ. Ọ̀nà àtúnṣe nìyí:

`Settings` > `Apps` > orúkọ áàpù > `Permissions` > `Nearby devices` > `Allow`

Lórí fóònù tí Áńdíróìdì rẹ̀ jẹ́ 6 sí 11, `Location` ni àṣẹ náà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tan `Location` fóònù fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu pé ẹ̀rọ káàdì ń béèrè ibi téèyàn wà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ṣètò ìwákiri búlútúùtù lórí àwọn fóònù wọ̀nyẹn nìyẹn.

Ó fún áàpù ní àṣẹ, ó tún wá a. Fóònù alágbàfọ̀ òdìkejì jáde, etí ìgbọ́rin ẹnì kan jáde. Ẹ̀rọ káàdì kò jáde.

2. Fóònù tó wà nínú àpò Ìyá

Ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ni ọmọ náà lọ bá. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó." Ọkùnrin náà kò fọwọ́ kan fóònù rárá. Ojú ẹ̀rọ káàdì ló kọ́kọ́ wò. Àmì búlútúùtù kékeré tó wà lókè rẹ̀ dúró gbọin, kò ṣẹ́jú.

"Ẹ̀rọ yìí ti so mọ́ nǹkan kan," ló wí. "Ta ló ń lò ó tẹ́lẹ̀?"

Ìyá ló ń lò ó. Fóònù Ìyá sì wà nínú àpò tó so mọ́ ìdí, kò jìnnà ju ìwọ̀n apá mẹ́ta lọ, búlútúùtù rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Bí wọ́n ti tan ẹ̀rọ káàdì, fóònù tó mọ̀ ló sáré lọ so mọ́. Irú ẹ̀rọ yìí kì í so mọ́ ju fóònù kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà, tó bá sì ti so mọ́ ọ̀kan, kì í yọjú sí àwọn yòókù mọ́. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, àmì tó ń ṣẹ́jú túmọ̀ sí pé ó ń wá ẹni tí yóò so mọ́; èyí tó dúró gbọin túmọ̀ sí pé ó ti rí.

Pípa búlútúùtù fóònù Ìyá ì bá tó fún ọjọ́ kan ṣoṣo, àmọ́ ẹni tó bá tún un tàn lọ́la yóò dá wàhálà náà padà. Nítorí náà, wọ́n ṣí `Settings` > `Connected devices` lórí fóònù Ìyá, wọ́n tẹ orúkọ ẹ̀rọ náà, wọ́n sì tẹ `Forget`. Wọ́n pa ẹ̀rọ káàdì, wọ́n tún un tàn. Àmì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú.

Ọmọ náà fẹ́ lọ so ó láti ibi búlútúùtù nínú `Settings` fóònù rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń so etí ìgbọ́rin. Bọ̀ọ̀dá dá a dúró. Inú áàpù ni kó ti so ó. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ so nínú `Settings`, àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé áàpù nìkan ló lè so wọ́n. Tí wọ́n bá so irú èyí láti ìta, áàpù lè máa sọ pé òun kò rí i. Ohun tó dára jù ni kéèyàn kọ́kọ́ gbìyànjú inú áàpù, tí áàpù bá sì darí rẹ̀ sí `Settings`, kó lọ síbẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, orúkọ ẹ̀rọ jáde nínú áàpù, pẹ̀lú nọ́ńbà mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ńbà yìí ṣe pàtàkì ní irú ọjà yìí, nítorí pé ẹ̀rọ irú kan náà lè wà lórí ìsọ̀ mẹ́ta tó wà nítòsí. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni wọ́n tẹ nọ́ńbà náà sí. Ọmọ náà yí i padà, ó fi wé èyí tó wà lójú fóònù, ó rí i pé wọ́n dọ́gba kó tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n so pọ̀.

3. `Network error`, bẹ́ẹ̀ dátà wà

Àkáǹtì ìyá rẹ̀ ló fẹ́ fi wọlé sínú áàpù, nítorí pé orúkọ ìyá ni wọ́n fi forúkọ ẹ̀rọ sílẹ̀. Ibi tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ sí lórúkọ ni owó ń lọ, fóònù ẹni yòówù tí wọn ì báà so mọ́ ọn. Ẹni tó bá yá ẹ̀rọ aládùúgbò rẹ̀ lò lọ́jọ́ ọjà, àkáǹtì aládùúgbò ni owó aṣọ rẹ̀ yóò wọ̀.

Áàpù kò gbà á wọlé. `Network error` ló ń kọ. Dátà wà lórí síìmù. Ó yí sí síìmù kejì, kò yí padà.

Kò sí ohun tó ń ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà. Nígbà tó ṣí Kúróòmù láti fi yẹ dátà wò, ohun tó rí lójú rẹ̀ ni `Your clock is behind`. Fóònù náà ti wà láìní iná nínú bátìrì fún ìgbà pípẹ́ kó tó rà á, déètì rẹ̀ sì ti padà sẹ́yìn ní ọdún méjì. Nígbà tí áàpù owó bá fẹ́ bá kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ sọ̀rọ̀, ó máa ń yẹ ìwé ẹ̀rí tí kọ̀ǹpútà náà gbé wá wò bóyá ó ṣì wà nínú àkókò rẹ̀. Lójú fóònù tó gbà pé ọdún méjì sẹ́yìn ni òun wà, ìwé ẹ̀rí náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Fóònù kọ̀ láti bá a sọ̀rọ̀, áàpù sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ṣẹ̀.

`Settings` > `System` > `Date & time` > tan `Set time automatically`

Orúkọ náà lè yàtọ̀ díẹ̀ lórí fóònù mìíràn. Bí déètì ti tọ́, áàpù gbà á wọlé.

Lẹ́yìn ìwọlé, áàpù ní kí wọ́n dúró, ó ń kó kọ́kọ́rọ́ sínú ẹ̀rọ káàdì. Kọ́kọ́rọ́ yìí ni ẹ̀rọ fi ń ti píìnì oníbàárà pa kó tó kúrò nínú ẹ̀rọ, tó fi jẹ́ pé fóònù kàn ń gbé e kọjá ni, kò lè kà á. Wọn kò gbọ́dọ̀ pa ẹ̀rọ nígbà tí èyí ń lọ, fóònù kò sì gbọdọ̀ jìnnà sí i. Wọ́n gbé àwọn méjèèjì sórí ìjókòó kan títí ó fi parí.

Ẹnì kan tó dúró tì wọ́n ní kí wọ́n tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, kí wọ́n fẹ́ eruku inú rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá kọ̀ jálẹ̀. Ẹ̀rọ káàdì ní ìṣọ́ nínú: tí wọ́n bá tú u, yóò pa gbogbo kọ́kọ́rọ́ inú rẹ̀ rẹ́ fúnra rẹ̀, irú ọ̀rọ̀ bíi `TAMPERED` yóò sì yọ lójú rẹ̀. Kò sí atúnfóònù-ṣe kankan tó lè dá a padà. Ilé-iṣẹ́ tó ni ín ló lè gbà á. Ìṣubú líle náà lè fa irú rẹ̀.

4. Ìdánwò ₦100, àti ohun tí kóòdù ń sọ

Káàdì Ìyá ni wọ́n fi dán an wò. Ọmọ tẹ ₦100 sí fóònù, ẹ̀rọ ní kí wọ́n ki káàdì bọ̀ ọ́. Ìyá ní, "Ọmọ mi, bá mi tẹ píìnì náà." Ọmọ kò tẹ̀ ẹ́. Ó gbé ẹ̀rọ lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó fi aláwọ̀ ewé hàn án, ó sì yí ojú kúrò. Ohun tó máa ṣe fún gbogbo àgbàlagbà tó bá wá rajà náà nìyẹn, nítorí pé ẹni tó bá tẹ píìnì ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀kan, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ fura sí lọ́jọ́ tí owó bá sọnù.

`00`, `Approved`. Ìdánwò yege.

Kóòdù onínọ́ńbà méjì yìí ló yẹ kí oníṣòwò mọ̀ ju gbogbo ohun tó wà lójú áàpù lọ, nítorí pé òun ló ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé kó tó padà. `51` túmọ̀ sí pé owó inú àkáǹtì oníbàárà kò tó. `55` túmọ̀ sí pé píìnì kò tọ̀nà. Ìròyìn méjèèjì kò dùn mọ́ ẹni tó ń rajà, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ ẹ̀rí pé ohun gbogbo lọ́wọ́ ẹni tó ń tà wà ní ṣíṣe: ẹ̀rọ ka káàdì, búlútúùtù gbé e, dátà gbé e, báńkì sì dáhùn. Kò sí ìdí láti pa fóònù kí wọ́n tún un tàn. `91` túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ kúrò ní ọjà, ṣùgbọ́n báńkì tó ni káàdì kò dáhùn. Káàdì báńkì mìíràn lè kọjá ní ìṣẹ́jú kan náà, nítorí náà kí wọ́n béèrè bóyá oníbàárà ní òmíràn. Ìgbà tí kò bá sí kóòdù kankan, tí áàpù kàn ń yí tàbí tó kọ pé àkókò ti kọjá, ìgbà yẹn ni kí wọ́n yẹ búlútúùtù, dátà àti fóònù wò. Ìgbà yẹn náà ni ewu wà, bí ìpele tó kàn yóò ṣe fi hàn.

5. ₦48,000 tó há sójú ọ̀nà

Nígbà tí oòrùn gòkè, tí èrò kún, ìyá àgbà kan láti Èkó yan gèlè àti ìpèlé àlàárì, ₦48,000. Ó ki káàdì bọ ẹ̀rọ, ó tẹ píìnì. Fóònù ń yí. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Nígbà tí ọmọ náà tún un tàn, áàpù ti padà sí ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ̀rọ káàdì sì kọ pé òun kò rí fóònù mọ́. Láìpẹ́, fóònù ìyá àgbà náà dún: álátì pé wọ́n ti yọ ₦48,000.

"Wọ́n ti yọ ọ́, ọmọ mi. Di ẹrù mi."

Àṣìṣe méjì ló wà nílẹ̀ níbí tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe. Èkíní ni kí wọ́n di ẹrù fún un nítorí álátì. Álátì tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń rà ń sọ pé owó kúrò ní àkáǹtì rẹ̀. Kò sọ pé owó ti di ti ẹni tó ń tà. Èkejì ni kí wọ́n ní kó tún ki káàdì bọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Èyí lè mú kí wọ́n yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí ọmọ náà ṣe ni pé ó mú àga fún ìyá àgbà, ó sì ṣàlàyé fún un. "Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Owó yín ò sọnù, ẹ jẹ́ kí n wo ibi tó wà." Ó ṣí àkọsílẹ̀ ìsanwó nínú áàpù. ₦48,000 wà níbẹ̀, `Pending`, pẹ̀lú nọ́ńbà méjìlá tó ń jẹ́ `RRN`. Nọ́ńbà yìí ni gbogbo báńkì tó kàn fi ń dá ìsanwó kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, pẹ̀lú iye owó, àkókò, àti nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lórí káàdì. Kò kọ nọ́ńbà káàdì tó kù. Kò nílò rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìbéèrè ti dé báńkì, báńkì ti yọ owó, àmọ́ fóònù ti ti áàpù pa kí ìdáhùn tó padà dé. Ẹ̀rọ káàdì kò gbọ́ `00`. Nígbà tí ètò bá rí i pé ẹ̀rọ kò parí iṣẹ́, ó yẹ kó rán iṣẹ́ mìíràn sí báńkì pé kó dá owó padà. Nígbà míì kíá ni, nígbà míì yóò pẹ́. Ìlànà Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà láti 2020 fún báńkì ní wákàtí 72 láti yanjú irú ìsanwó ẹ̀rọ káàdì tó há báyìí.

Ó ń yẹ `Pending` náà wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ púpọ̀, ó di `Reversed`, álátì mìíràn sì wọlé sí fóònù ìyá àgbà pé ₦48,000 ti padà. Ká ní kò padà ni, ọmọ náà ì bá yọ̀ǹda kí ìyá àgbà fi tiransifáà san láti àkáǹtì mìíràn tàbí kó bá a fi aṣọ pamọ́, yóò sì fún un ní `RRN` náà kó fi bá báńkì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ká ní `Approved` ló dà, ẹrù ni ì bá dì fún un.

6. Àtúnṣe kí wọ́n tó tún gbìyànjú

Ìdí tí áàpù fi kú ni pé fóònù ń dá bátìrì sí. Bí ojú rẹ̀ bá ti ṣókùnkùn, ó máa ń pa áàpù tí kò sí lójú. Bí wọ́n ṣe tún un ṣe nìyí:

`Settings` > `Apps` > orúkọ áàpù > `Battery` > `Unrestricted`

Wọ́n pa `Battery Saver` gbogbo fóònù náà. Wọ́n sún `Screen timeout` láti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ìṣẹ́jú márùn-ún, páwà báńkì sì wà lẹ́nu fóònù láti ìgbà náà lọ, nítorí pé ojú fóònù tí kì í kú ń jẹ iná.

Ibi tí fóònù ń gbé náà yí padà. Ẹ̀yìn ìsọ̀, lábẹ́ páànù, láàárín òkìtì aṣọ ló wà tẹ́lẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń ṣe ségesège níbẹ̀. Wọ́n so ó kọ́ sára òpó iwájú, níbi tí páànù parí sí. Ẹ̀rọ káàdì ló ń lọ bá oníbàárà; fóònù dúró lójú kan. Búlútúùtù irú èyí lè dé nǹkan bíi mítà mẹ́wàá níta gbangba, ṣùgbọ́n ara èèyàn máa ń dí i lọ́nà, ọjà sì kún fọ́fọ́, nítorí náà wọn kò jẹ́ kí ẹ̀rọ jìnnà ju mítà mẹ́ta lọ.

Ìyá àgbà tún ki káàdì bọ̀ ọ́. Ọmọ náà ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé kó má yọ ọ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá dún. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá kọ `Remove card` ni kó yọ ọ́. Ṣíìpù káàdì ṣì ní iṣẹ́ láti parí lẹ́yìn tí báńkì bá ti dáhùn, ẹni tó bá sì yọ ọ́ ṣáájú lè fa irú ìhámọ́ kan náà. `00`. Wọ́n di ẹrù.

7. Ìṣírò ìrọ̀lẹ́

Ìsanwó káàdì mẹ́fà ló wọlé: ₦48,000, ₦26,000, ₦35,000, ₦17,000, ₦42,000 àti ₦18,000, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦186,000 nínú ìwé Ìyá. Áàpù kọ ₦186,100. Ìyá ní àfi kí wọ́n rí ₦100 náà, wọ́n sì rí i: ìdánwò ìdájí ni. `Reversed` kò sí nínú àpapọ̀, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ilé-iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ yìí ń gba ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ìsanwó kọ̀ọ̀kan. Lórí ₦186,100, èyí jẹ́ ₦930.50, ohun tó sì máa wọ àkáǹtì Ìyá jẹ́ ₦185,169.50. Kì í wọlé lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ iṣẹ́ báńkì tó tẹ̀ lé e ni. Ẹni tó bá máa fi owó náà ra òwú ní ìrọ̀lẹ́ ọjà, kó ti fi owó ọwọ́ sílẹ̀ fún un.

Wọ́n kọ `RRN` gbogbo ìsanwó sínú ìwé náà, àti èyí tó padà. Wọ́n fi ẹ̀rọ sẹ́nu iná pẹ̀lú wáyà tirẹ̀, wọ́n sì yọ áàpù kúrò lórí fóònù Ìyá.